Ìwé ọ̀rọ̀ 160,000, atúmọ̀ márùn-ún: báwo ló ṣe máa dún bí ẹnu ẹnìkan?

Gègé Dúdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé kan wà lọ́wọ́ wa, orí méjìlá, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 160,000 ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fún wa láti sọ ọ́ di Yorùbá. Atúmọ̀ márùn-ún la jẹ́, ètò ìtumọ̀ OmegaT la sì ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Báwo ni ká ṣe pín in, báwo la sì ṣe máa tò ó pọ̀ tí kò fi ní hàn pé èèyàn márùn-ún ló kọ ọ́?

Alápínká:
Ìṣirò lásán ni. Ẹ pín 160,000 sọ́nà márùn-ún, 32,000 ló kan ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo yín máa tẹ̀lé, kí kálukú lọ jókòó ti tiẹ̀. Tí ẹ bá ti parí, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, ẹ fi `Find and Replace` sọ ọ̀rọ̀ tó bá yàtọ̀ di ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ti tó fún ìyẹn.

Màmá Olóòtú:
Àkójọ ọ̀rọ̀ yẹn dáa, Alápínká. Ọjọ́ méjì yẹn ni mi ò lè bá ọ gbé.

Gègé Dúdú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí àkókò yín máa bá lọ. Atúmọ̀ tó mọṣẹ́ lè ṣe ọ̀rọ̀ 1,500 lóòjọ́ nínú irú ìwé yìí láìsáré àsápajúdé. Ẹ̀yin márùn-ún, 7,500 nìyẹn lóòjọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún ni 160,000 máa gbà yín, ó sì máa dà bíi pé àyè ṣì gbà yín dáadáa. Ṣùgbọ́n ohùn kan kì í ti ọwọ́ èèyàn márùn-ún jáde. Ọwọ́ ẹnìkan tó ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló ti ń jáde, ẹni yẹn ò sì lè fojú tó mú ka ju ọ̀rọ̀ 1,000 lọ ní wákàtí kan. Bó bá ṣe wákàtí márùn-ún lóòjọ́, 5,000 ni. Ọjọ́ méjìlélọ́gbọ̀n nìyẹn fún òun nìkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sì jẹ́ ogójì ọjọ́ iṣẹ́. Tí ẹ bá ní kó dúró kí ìtumọ̀ parí ná, 22 àti 32 ti di 54, ẹ ti pàdánù ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Torí náà, ẹ yọ ẹnìkan nínú yín sọ́tọ̀ ṣe olóòtú láti ọjọ́ kìíní. Kò ní túmọ̀ orí kankan. Kí àwọn mẹ́rin tó kù máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ 3,000 lọ́jọ́ méjì-méjì, kí olóòtú máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n á máa yára jù ú lọ díẹ̀, kò burú. Ohun tó wà nídìí 3,000 yẹn ni pé, tí ẹnìkan bá ń ṣi ọ̀nà, ọjọ́ kẹta lẹ máa mọ̀, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ karùn-ún nígbà tó ti fi àṣìṣe kan náà kún orí mẹ́ta.

Ní ti pípín, orí-orí ni kí ẹ pín in, ẹ má wo iye ọ̀rọ̀ nìkan. 32,000 géérégé lè gé orí kan sí méjì, ẹni tó gba ìdajì kejì ò sì ní mọ orúkọ tí wọ́n ti fún nǹkan ní ìdajì kìíní. Orí oyún, orí ìbímọ àti orí ọmọ tuntun ń lo ọ̀rọ̀ kan náà, ọwọ́ ẹnìkan ni kí wọ́n wà, bí ìpín rẹ̀ tiẹ̀ tóbi ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ tún lọ sí `Tools > Statistics` nínú OmegaT kí ẹ wo iye gbólóhùn tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Nínú ìwé ìlera, wọ́n sábà máa ń pọ̀: àpótí ìkìlọ̀, àkọlé tábìlì, "kọ ọ́ sínú káàdì". Ẹnìkan ni kó kọ́kọ́ túmọ̀ gbogbo ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan orí tirẹ̀.

Bàbá Ẹ̀rọ:
Ṣé PDF ni ìwé ọ̀hún? Ó rọrùn láti gé. Ẹ fi `qpdf` ṣe é, ìpín kọ̀ọ̀kan á sì dá dúró:

```
qpdf iwe.pdf --pages . 1-80 -- apa1.pdf
```

Màmá Olóòtú:
Bàbá, gígé fáìlì kọ́ ni wọ́n ń bèèrè. Ó sì dáa tí ẹ dárúkọ PDF, torí kò yẹ kí wọ́n fi túmọ̀ nǹkan kan. Tí a bá yọ ọ̀rọ̀ inú PDF jáde, ìlà kọ̀ọ̀kan lè já sí àárín gbólóhùn, OmegaT á sì rí gbólóhùn kan bíi mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta yẹn ò ní bá ohunkóhun mu nínú mẹ́mọ̀rì ìtumọ̀ mọ́. Kí wọ́n béèrè fáìlì Word tí wọ́n fi tẹ ìwé náà lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ wá.

Gègé Dúdú:
Word la gbà, mà. A ti ṣe `Statistics`: ọ̀rọ̀ 31,000 ló jẹ́ àtúnwí, tuntun wá ku 129,000. A ti yọ ẹnìkan ṣe olóòtú. Ìwé àdéhùn lórí bí gbogbo wa ṣe máa kọ ọ́ la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, a ò sì mọ ohun tó yẹ ká kọ sínú ẹ̀ yàtọ̀ sí àkójọ ọ̀rọ̀.

Màmá Olóòtú:
Ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ mú ọ̀rọ̀ bí 400 nínú ìwé náà, ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ, tí wọ́n ń ṣàlàyé, tí wọ́n sì ń kìlọ̀ pọ̀. Kí gbogbo yín túmọ̀ rẹ̀ láìbára yín sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí ẹ ti yàtọ̀ síra ni ìwé àdéhùn yín, ẹ ò ní láti fi orí ro ó.

Ẹ wo gbólóhùn kan tó ní kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ kó tó yẹ aláboyún wò. Ohun tó máa ń ti ọwọ́ atúmọ̀ mẹ́ta wá rèé:

Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó yẹ aláboyún wò.

Ẹ gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò fún olóyún náà.

Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera fọ ọwọ́ kí ó tó yẹ àwọn aláboyún wò.

Kò sí èyí tó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ ẹni tí wọ́n pè ní "o" ní orí kìíní, tí wọ́n pè ní "ẹ" ní orí kejì, tó dé orí kẹta tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, kò nílò kẹ́nikẹ́ni sọ fún un pé ẹni mẹ́ta ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Èyí ló ń ba ohùn ìwé jẹ́ ju orúkọ àìsàn lọ, àkójọ ọ̀rọ̀ ò sì lè mú un, torí "o" àti "ẹ" kì í sí nínú àkójọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ mú ọ̀kan. Fún ìwé òṣìṣẹ́, "ẹ" ni mo máa mú: àgbà lè kà á, ọmọdé lè kà á, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Èkejì ni agbára àṣẹ. Ìwé yìí mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó pọn dandan, ohun tó dáa kéèyàn ṣe, àti ohun téèyàn lè ṣe tó bá wù ú. Ẹ fi "gbọ́dọ̀" fún àkọ́kọ́, "ó yẹ kí" fún èkejì, "lè" fún ẹ̀kẹta, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́. Atúmọ̀ tó fẹ́ràn "gbọ́dọ̀" á fi sí ibi gbogbo, òṣìṣẹ́ tó bá kà á ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ pé tí kò bá ṣe é, ẹ̀mí lè lọ sí i.

Ẹ̀kẹta kéré lójú, etí ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ: "yóò" tàbí "máa", "tí ó" tàbí "tó", "kí ó" tàbí "kó", "sí inú" tàbí "sínú". Ẹni tó ń kọ "yóò" àti "tí ó" ń dún bí ìwé ìjọba. Ẹni tó ń kọ "máa" àti "tó" ń dún bí ẹni tó jókòó tì ẹ́. Méjèèjì jẹ́ Yorùbá tó dáa, wọn ò kàn lè gbé inú ìwé kan náà ni.

Ojú-ìwé méjì péré ni kí ìwé àdéhùn náà jẹ́. Tó bá di mẹ́wàá, wọ́n á kà á lọ́jọ́ kìíní, wọn ò sì ní ṣí i mọ́.

Alápínká:
Mo gbà nípa "o" àti "ẹ", mà. Ṣùgbọ́n orúkọ nǹkan ni mò ń sọ tẹ́lẹ̀. Tí àdéhùn bá ni "ibi ọmọ", tí ẹnìkan wá kọ "ibi" lásán, kí ló burú nínú kéèyàn pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí?

Bàbá Ẹ̀rọ:
Ha! O ò tíì gbìyànjú ẹ̀ wò ni. Ní kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo "ibi" di "ibi ọmọ". "Ibi tí ẹ máa tẹ́ aláboyún sí" á di "ibi ọmọ tí ẹ máa tẹ́ aláboyún sí". "Ibikíbi" á di "ibi ọmọkíbi". Níbi tí ẹlòmíràn sì ti kọ ọ́ bó ṣe tọ́, "ibi ọmọ ọmọ" lo máa bá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú pọ̀ jù nínú Yorùbá, kọ̀ǹpútà ò sì mọ èyí tó jẹ́ ilẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ara èèyàn. Wá a, kí o máa wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. `Replace All` kọ́.

Alápínká:
Ó dáa, mo ti gbọ́. Mo fọwọ́ sí i pé kéèyàn máa wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Kétu:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ tèmi náà jọ èyí. Àwa mẹ́ta la ń túmọ̀ ìwé kan, méjì ní Nàìjíríà, èmi ní Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n ń kọ ẹ àti ọ onídọ́ọ̀tì, èmi ń kọ ɛ àti ɔ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé níbí. Nígbà tí a tò ó pọ̀, àkójọ ọ̀rọ̀ ò mú ohunkóhun nínú iṣẹ́ mi. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé àwọn méjèèjì tó wà ní Nàìjíríà gan-an, àkójọ ọ̀rọ̀ ò mú ti ẹnìkan nínú wọn dáadáa, bẹ́ẹ̀ lójú wa ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ.

Bàbá Ẹ̀rọ:
Ojú ló jọra, inú fáìlì ò jọra. Gègé Dúdú, ẹ fetí sí èyí náà, torí ẹ̀yin ló máa dé bá tí ẹ ò bá ṣọ́ra.

Kọ̀ǹpútà lè pa ẹ́ mọ́ ní ọ̀nà tó ju ọ̀kan lọ. Kíbọọ̀dù kan á fi ẹ ṣe odidi lẹ́tà, á wá fi àmì òkè lé e lórí. Òmíràn á mú é tó ti ní àmì lórí, á wá fi dọ́ọ̀tì sí i nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta ò lo dọ́ọ̀tì rárá, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ló ń fà sábẹ́ e. Lójú ìwọ àti èmi, ẹ́ ni gbogbo wọn. Lójú OmegaT, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Torí náà tó o bá wá "ẹ̀jẹ̀", o lè rí 40, kí 25 mìíràn sá mọ́ ọ lójú, kó o sì rò pé o ti parí. Àmì tó o fi máa mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó o ń wò lójú-ìwé, tó o bá wá a, á ní kò sí.

Ẹ fẹnu kò sórí kíbọọ̀dù kan ṣoṣo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn, ẹnìkan á ṣì ti orí fóònù kọ nǹkan. Kí fáìlì TMX kọ̀ọ̀kan, ìyẹn fáìlì tí OmegaT ń kó ìtumọ̀ sí, tó wọ inú iṣẹ́ olóòtú, ẹ mú un gba inú èyí kọjá, ẹ pè é ní `mu.py`:

```
import sys, unicodedata
s = open(sys.argv[1], encoding="utf-8").read()
s = s.replace("\u0329", "\u0323")
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
open(sys.argv[2], "w", encoding="utf-8").write(s)
```

Ẹ sì ṣe é báyìí:

```
python3 mu.py apa3.tmx apa3-mimo.tmx
```

Ìlà kẹta ló ń sọ ìlà tó dúró ṣánṣán di dọ́ọ̀tì, ìkẹrin ló ń kó ọ̀nà tó kù pọ̀ sí ọ̀kan. Ẹ mú `glossary.txt` náà gba inú rẹ̀ kọjá, tí ẹ ò bá fẹ́ kí iṣẹ́ mọ́ kí àkójọ ọ̀rọ̀ ṣì dọ̀tí.

Ọmọ Kétu, èyí ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́, torí ɛ kì í ṣe ẹ tí wọ́n kọ lọ́nà mìíràn, lẹ́tà tirẹ̀ ni. O lè fi `replace` méjì kún un, ɛ sí ẹ, ɔ sí ọ. Àmọ́ bi àwọn tó máa ka ìwé náà léèrè ná. Tó bá jẹ́ Kétu ni wọ́n ti máa kà á, àwọn ará Nàìjíríà ló yẹ kó yí padà.

Ọmọ Olùkọ́:
Mo fẹ́ padà sórí "ẹ" tí Màmá sọ. Mo gbà á fún òṣìṣẹ́. Aláìsàn ńkọ́? Ìwé á máa sọ̀rọ̀ nípa ìyá àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ṣé "ó" la máa pè wọ́n? Nínú Yorùbá tèmi, "wọ́n" ni.

Màmá Olóòtú:
Nínú tèmi náà, "wọ́n" ni, lẹ́nu. Lórí ìwé, wo gbólóhùn yìí: "Ẹ fún wọn ní tábúlẹ́ẹ̀tì méjì." Ìyá àgbà kan ni, tàbí gbogbo àwọn tó wà nílé? Méjì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, tàbí méjì láàárín wọn? Nínú ìwé ìtàn, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ìwé oògùn, mi ò lè fọwọ́ sí i. Àbá mi ni pé kí wọ́n máa pe orúkọ dípò arọ́pò orúkọ ní ibikíbi tí oògùn, iye tàbí àkókò bá wà: "Ẹ fún aláìsàn náà ní tábúlẹ́ẹ̀tì 2, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́." Kí iye oògùn sì máa jẹ́ nọ́ńbà, kí wọ́n má kọ "méjì" níhìn-ín, kí wọ́n wá kọ "2" lọ́hùn-ún.

Ọmọ Olùkọ́:
Ìyẹn yanjú ti oògùn. Kò yanjú ti ìyókù. Orí kan wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ bó ṣe máa bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Tí ìwé fúnra rẹ̀ bá ń pe àgbàlagbà ní "ó", ẹ̀kọ́ wo ló ń kọ́ni? Mo ṣì wà lórí "wọ́n" fún ibi tí kò bá ti sí oògùn.

Màmá Olóòtú:
A jẹ́ pé òfin méjì ni atúmọ̀ mẹ́rin máa há sórí nìyẹn. Mo rí ohun tó o ń sọ, mi ò kàn rò pé wọ́n á lè pa á mọ́ dé orí kejìlá. Gègé Dúdú, ẹ̀yin lẹ máa yàn.

Gègé Dúdú:
A ti gbọ́, mà. A máa bi ẹni tó gbé iṣẹ́ wá. Ìbéèrè tó kù sí wa lọ́wọ́ ni títò pọ̀. Kálukú ń ṣe tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì ẹnìkan nínú wa ò dúró, torí náà a ò lè máa ṣe é papọ̀ lórí ayélujára.

Bàbá Ẹ̀rọ:
Ẹ ò nílò rẹ̀. Olóòtú á ní ojúlówó iṣẹ́ náà, orí méjèèjìlá pátá ló máa wà nínú fódà `source` rẹ̀. Fódà yìí kan náà ni kí kálukú gbà lọ́dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú òfin gígé gbólóhùn kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún àṣìṣe inú Gẹ̀ẹ́sì ṣe nínú tirẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Tí ẹnìkan bá fi kọ́mà kan kún un, gbólóhùn yẹn ò bá ti olóòtú mu mọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ò sì ní wọlé. Ẹni tó bá rí àṣìṣe, kó kọ ọ́ ránṣẹ́.

Àtúnwí 31,000 yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. TMX rẹ̀ á wọ `tm/enforce` lọ́dọ̀ gbogbo yín. Ohun tó bá wà níbẹ̀ máa ń wọlé fúnra rẹ̀, ó sì máa ń bo èyí tó ti wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀, torí náà àpótí ìkìlọ̀ orí kejì àti ti orí kẹwàá ò lè yàtọ̀ síra.

Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ọjọ́ méjì, atúmọ̀ á fi `omegat/project_save.tmx` rẹ̀ ránṣẹ́. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, kò wúwo, WhatsApp lè gbé e. Olóòtú á mú un gba inú `mu.py`, á sọ orúkọ rẹ̀ di `apa1.tmx`, `apa2.tmx` bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, á sì fi sínú `tm/auto`. Ti `auto` yàtọ̀ sí ti `enforce`: ibi tó ṣófo nìkan ló ń dí. Ohun tí olóòtú bá ti tún ṣe ò ní bàjẹ́ nígbà tí fáìlì tuntun bá dé.

Ibi tó ti ń yọni lẹ́nu ni gbólóhùn tí atúmọ̀ méjì ti túmọ̀ lọ́nà méjì. Ọ̀kan á wọlé, OmegaT ò sì ní pariwo pé òmíràn wà. Àkọlé kúkúrú ló sábà máa ń jẹ́, irú bí "Ìtọ́jú". Ẹ̀yin ṣáà rí i pé gbogbo àkọlé wọ inú àtúnwí.

Màmá Olóòtú:
Kí n fi kan kún un. Ohun tí olóòtú bá tún ṣe gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn atúmọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, kó fi TMX tirẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, kí ìtúnṣe máa jáde sójú wọn bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Kó tún kọ ìlà márùn-ún péré sábẹ́ ìwé àdéhùn: ohun tó tún ṣe jù lọ́sẹ̀ yẹn. Bí nǹkan bá ń lọ dáadáa, ìtúnṣe ọ̀sẹ̀ kẹta á kéré gan-an sí ti ọ̀sẹ̀ kìíní. Tí kò bá dín kù lọ́dọ̀ ẹnìkan, ẹni yẹn ò ka ìwé àdéhùn, ẹ pè é.

Ọmọ Olùkọ́:
Mà, ohun kan ń kọ mí lóminú. Ẹnìkan ṣoṣo ló máa ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ èèyàn mẹ́rin? Bíbélì Ọba Jákọ́bù tí wọ́n tẹ̀ ní 1611, ẹgbẹ́ mẹ́fà ni wọ́n pín in fún: méjì ní Wẹstímínsítà, méjì ní Ọ́síìfọ́ọ̀dù, méjì ní Kémbíríìjì. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni òfin ti wà nílẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ìjọ àtijọ́. Nígbà tí wọ́n parí, ìgbìmọ̀ kékeré ló jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ ni, kì í ṣe ẹnìkan. Síbẹ̀ ìwé náà dún bí ohùn kan.

Màmá Olóòtú:
Òfin ọ̀rọ̀ ìjọ yẹn ni kókó tí mo fẹ́ kó o rí: wọ́n ti yan ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pín iṣẹ́. Ní ti ìgbìmọ̀, 1604 ni wọ́n ti dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Gègé Dúdú ò ní ọdún méje, ogójì ọjọ́ ló ní. Ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta á jiyàn lórí "yóò" títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ṣùgbọ́n mo gbà pé àṣẹ olóòtú gbọ́dọ̀ ní ààlà. Ohun tó bá ta ko ìwé àdéhùn, ohun tí ìtumọ̀ rẹ̀ ò bá tọ́, àti ohun tí ahọ́n ń kọsẹ̀ lára rẹ̀ ni kó fọwọ́ kàn. Gbólóhùn tó dáa tí òun ì bá kọ lọ́nà mìíràn, kó fi í sílẹ̀.

Ọmọ Olùkọ́:
Ẹ ò ní rí ohùn kan tí ẹ bá fi í sílẹ̀, mà. Ẹni tó máa ń kọ gbólóhùn gígùn àti ẹni tó máa ń gé e kúkúrú, ìwé àdéhùn ò lè sọ wọ́n di ọ̀kan. Olóòtú ló máa gé ti ẹni àkọ́kọ́.

Màmá Olóòtú:
Tó bá gé gbogbo rẹ̀, 5,000 lóòjọ́ á di 2,000. Kó fi sínú ìlà márùn-ún ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, kí ẹni tó ni gbólóhùn gígùn máa gé e fúnra rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Gègé Dúdú:
Bí a ṣe ṣètò rẹ̀ rèé. Ọjọ́ 1 sí 5: àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ 400, ìwé àdéhùn, àtúnwí. Ọjọ́ kẹfà ni àwa mẹ́rin máa bẹ̀rẹ̀ orí. 6,000 lóòjọ́ fún 129,000 jẹ́ ọjọ́ 22, a máa parí lọ́jọ́ 27. Olóòtú máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, ọjọ́ 26 ló nílò, ó máa parí lọ́jọ́ 33. Ọjọ́ méje ló kù. Kí la máa fi ṣe?

Màmá Olóòtú:
Ẹ ó rí i lò. Ọjọ́ mẹ́ta fún wíwá. Ẹ má tún ìwé kà, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa wá láti orí kìíní dé èkejìlá: gbogbo "gbọ́dọ̀" lónìí, gbogbo "yóò" lọ́la, gbogbo "rẹ" àti "yín" lọ́tùn-únla. Ojú tó ń wá ohun kan kì í fò ó.

Ọjọ́ méjì fún oríta. Ojú-ìwé méjì tó kẹ́yìn iṣẹ́ atúmọ̀ kan àti méjì àkọ́kọ́ ti ẹni tó tẹ̀ lé e, kí ẹni tí kò túmọ̀ èyíkéyìí nínú wọn kà á sókè fún ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́. Kí ẹni tó ń gbọ́ gbé ọwọ́ sókè nígbà tó bá rò pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti yí padà. Tó bá gbé ọwọ́ sí oríta gan-an, ẹ ṣì ní iṣẹ́. Tó bá gbé e síbòmíràn, ẹ lọ wo ibẹ̀ náà, ó lè jẹ́ ibi tó ti rẹ atúmọ̀ kan.

Ọjọ́ méjì tó kù, ẹ fi wo ìwé bó ṣe máa jáde nínú Word. Tábìlì oògùn lẹ máa kọ́kọ́ ṣí. Ìtumọ̀ Yorùbá sábà máa ń gùn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, nọ́ńbà sì lè yẹ̀ bọ́ sínú àpótí kejì.

Gègé Dúdú:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ̀yin náà, Bàbá. Èyí tí a ò tíì rí yanjú láàárín ara wa ni "àtọ̀gbẹ" àti "ìtọ̀ ṣúgà". Ẹni méjì ò gbà láti kọ èkejì, wọ́n ní kì í ṣe Yorùbá. Àwọn méjì yòókù ní àwọn tó wà lábúlé, "ìtọ̀ ṣúgà" ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì.

Alápínká:
Ẹ kọ méjèèjì papọ̀ nígbà àkọ́kọ́ ní orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa lo ọ̀kan lọ lẹ́yìn náà.

Ọmọ Olùkọ́:
Ọ̀kan wo? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà.

Màmá Olóòtú:
Ti Alápínká dára o. Èyí tí nọ́ọ̀sì ń pè é ni kí ẹ máa lò lọ, kí ìkejì wà níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Ẹ sì kọ ọ́ sínú `glossary.txt` lónìí kí ọ̀rọ̀ 3,000 àkọ́kọ́ tó wọlé.